"Síwájú sí i" kọ́ ló ń so ìpínrọ̀ pọ̀ o

Ta ló tiẹ̀ kọ́kọ́ sọ fún wa pé tí àròkọ bá ń já gulegule, ká ṣáà ti da "síwájú sí i" àti "pẹ̀lúpẹ̀lù" sí i, á so pọ̀? Àwọn tíṣà gan-an ń sọ ọ́, èmi náà ti sọ ọ́ rí kójú mi tó là. Irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ àsopọ̀ kàn ń tọ́ka sí àjọṣe tó ti wà láàárín gbólóhùn méjì tẹ́lẹ̀ ni, tí ò bá sí níbẹ̀, ẹni tó ń kà á ló ń tàn jẹ.

Ẹ wo èyí, báwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ṣe máa ń kọ ọ́ nìyí:

"Oorun ṣe pàtàkì fún akẹ́kọ̀ọ́. Síwájú sí i, ọ̀pọ̀ wọn ń tẹ fóònù dòru. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ẹni tí ò sùn kì í rántí ohun tó kà. Nítorí náà, kí òbí kíyè sára."

"Síwájú sí i" ń ṣèlérí pé a fẹ́ fi nǹkan kún bí oorun ṣe wúlò tó, àmọ́ ohun tí ò jẹ́ kí wọ́n sùn ló tẹ̀lé e. "Nítorí náà" tún wá burú jù, òbí tá ò dárúkọ látòkè ló já wọlé lójijì yẹn.

Tẹ́ ẹ bá kọ "kò so pọ̀" sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, àsopọ̀ mẹ́fà lọmọ yẹn máa kó wá lọ́jọ́ kejì. Èmi kì í fọwọ́ kan àsopọ̀ rárá níbẹ̀rẹ̀. Abẹ́ gbólóhùn àkọ́kọ́ ni mo máa ń kọ ọ́ sí pé: "Kí ni oorun ń ṣe fún un gan-an?" Tó bá ti rí ìdáhùn sí ìyẹn, kókó ti dé nìyẹn, fóònù àti òbí á sì wábi gbà fúnra wọn. Lẹ́yìn náà ni mo máa béèrè ẹ̀rí, "báwo lo ṣe mọ̀?", kí n tó béèrè àlàyé, "kí ló fà á?"

Ohun tó máa ń jáde ò ní jìnnà sí èyí:

"Ẹni tó bá kàwé mọ́jú á gbàgbé púpọ̀ nínú ohun tó kà. Mo kàwé mọ́jú ọjọ́ ìdánwò kan, ìbéèrè tí mo yanjú lóru yẹn gan-an ni mi ò rántí. Ojú oorun ni ọpọlọ ti máa ń to ọ̀pọ̀ ohun tá a kọ́ pa mọ́. Mi ò sì fún un ní oorun yẹn."

Ìrírí ẹnì kan ò tó ẹ̀rí fún àròkọ ńlá lóòótọ́, àmọ́ ó tó fi kọ́ṣẹ́. Ẹ wo "oorun yẹn", ọ̀rọ̀ inú gbólóhùn tó ṣáájú ló gbé dání, òun ló so wọ́n pọ̀.

Àsopọ̀ kan ṣoṣo tí mo máa ń ní kí wọ́n fi kún un ni "àmọ́". Ẹ wo èyí tí ò ní in: "Ó kàwé mọ́jú. Ó yege." Ẹni tó bá ka ìyẹn á rò pé àìsùn ló jẹ́ kó yege.