"Ni" Kì Í Ṣe Ariwo: Ohun Tí Wọ́n Ń Pè Ní Àtẹnumọ́

Ẹnìkan kanlẹ̀kùn. Ẹ bèèrè láti inú ilé pé, "Ta nìyẹn?" Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ dáhùn pé, "Èmi ni." Kò pariwo, kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn, kò sì sí ohun tó ń tẹnu mọ́. Síbẹ̀, "ni" wà nínú ìdáhùn rẹ̀, kò sì sí bó ṣe lè yọ ọ́ kúrò. Kò lè sọ pé "Mo kanlẹ̀kùn" kí ó dákẹ́. Bó bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ ó ṣì máa retí ìdáhùn ìbéèrè yín.

Ìdáhùn kékeré yìí ti tó láti mú ká tún ohun tí wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa nílé ẹ̀kọ́ yẹ̀ wò. Wọ́n ní "Adé ra ìwé" àti "Adé ni ó ra ìwé" kò yàtọ̀ síra, àfi pé a tẹnu mọ́ "Adé" nínú èkejì. Orúkọ tí gírámà wa fún un, gbólóhùn àkíyèsí alátẹnumọ́, tún mú kí èrò náà fìdí múlẹ̀. Látàrí èyí, mo ti rí àwọn tó ń ṣàtúnṣe ìwé tí wọ́n ń fa ìlà pa "ni" nínú iṣẹ́ ẹlòmíì nítorí pé "àtẹnumọ́ rẹ̀ ti pọ̀ jù." Àṣìṣe ni. Apá "àkíyèsí" nínú orúkọ yẹn dára, ó sì wúlò. Apá "alátẹnumọ́" ló ń ṣi wá lọ́nà.

Iṣẹ́ tí "ni" ń ṣe ni pé ó ń pín gbólóhùn sí méjì. Apá kan ni ohun tí èmi àti ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ ti jọ gbà pé ó rí bẹ́ẹ̀. Apá kejì ni ohun tó ṣófo nínú ìmọ̀ olùgbọ́ mi, tí mo fẹ́ dí. "Ni" dúró lẹ́yìn ohun tó dí àyè náà, ohun yẹn sì ni àkíyèsí. Nínú "Adé ni ó ra ìwé," a ti jọ gbà pé ẹnìkan ra ìwé. Ẹni náà la ò mọ̀, orúkọ "Adé" ló sì dí àyè rẹ̀. Ìyẹn ló fà á tí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan fi ní ìbéèrè tirẹ̀ tó bá a mu. Bí ẹ bá bi mí pé, "Ta ló ra ìwé?" tí mo sì dáhùn pé, "Ìwé ni Adé rà," ẹ ó rò pé mi ò gbọ́ ìbéèrè náà. Òótọ́ pọ́ńbélé ni mo sọ, orúkọ ẹni tí ẹ ń wá sì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àyè mìíràn ni mo dí. Kò sí bí mo ṣe lè gbé ohùn sókè tó tí yóò tún un ṣe.

Ẹ wo àwọn ìbéèrè náà fúnra wọn. "Ta ló ra ìwé?" "Kí ni Adé rà?" "Ta" àti "kí" kì í dá dúró níbẹ̀ láìsí "ni" lẹ́yìn wọn. Ta ni yóò sọ pé gbogbo ẹni tó bá bèèrè ìbéèrè ló ń tẹnu mọ́ nǹkan?

Ẹ̀rí kan wà tí mo fẹ́ràn ju àwọn yòókù lọ. Bí wọ́n bá bèèrè pé, "Kí ni Adé rà?" mo lè dáhùn pé, "Ìwé ni Adé rà," mo sì lè sọ ní wọ́ọ́rọ́wọ́ pé, "Ó ra ìwé." Àbọ̀ lè jókòó síbi tó wà kó sì jẹ́ ìdáhùn. Olùwà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá bèèrè pé, "Ta ló ra ìwé?" "Adé ra ìwé" kò bá ìbéèrè náà mu. "Adé ni," tàbí "Adé ló rà á," ló bá a mu. Ká ní àtẹnumọ́ ni "ni" wà fún, kò yẹ kí ìyàtọ̀ yìí wà, nítorí ẹni tí kò fẹ́ tẹnu mọ́ ohunkóhun ìbá lè fi í sílẹ̀ nígbàkígbà. Àmọ́ ibi tí olùwà máa ń dúró sí jẹ́ ibi tí a sábà máa ń fi ohun tí a ti mọ̀ sí. Bó bá jẹ́ ohun tuntun ló fẹ́ dúró síbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ gba àmì.

Àtẹnumọ́ gidi ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. "Gan-an" ń ṣe é, àwítúnwí náà sì ń ṣe é. A lè sọ pé, "Adé gan-an ló rà á." Ẹ rí i pé "gan-an" àti "ni" jọ wà níbẹ̀, kò sì sí èyí tó gba iṣẹ́ ìkejì ṣe.

Àwọn kan tún gbà pé "ni" kò ju ọ̀rọ̀ ìṣe tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń sọ pé nǹkan kan jẹ́ nǹkan kan. Mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn. "Olùkọ́ ni Adé" ń dáhùn ẹni tó fẹ́ mọ iṣẹ́ Adé. "Adé ni olùkọ́" ń dáhùn ẹni tó mọ̀ pé olùkọ́ kan wà, tí kò mọ èwo nínú àwọn tó wà níwájú rẹ̀. Orúkọ méjì náà kò yí padà. Èyí tó ṣáájú "ni" ló ń sọ ohun tí olùgbọ́ ń wá.

Èrò mìíràn tó bá èyí rìn ni pé ohunkóhun tí a bá gbé síwájú gbólóhùn, a gbé e síwájú kó lè hàn ni, ibẹ̀ náà sì parí. Ẹ fi gbólóhùn méjì yìí wéra:

Ìwé yìí ni Adé rà.
Ìwé yìí, Adé rà á.

Ìwé kan náà ló ṣíwájú nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń ṣe yàtọ̀ pátápátá. Nínú àkọ́kọ́, ìwé ni ìdáhùn: a mọ̀ pé Adé ra nǹkan, a fẹ́ mọ nǹkan náà. Nínú èkejì, ọ̀rọ̀ ìwé náà la ti ń sọ bọ̀, tàbí ó wà lójú wa, a wá fẹ́ sọ nǹkan tuntun nípa rẹ̀. Èyí ni màá pè ní orí ọ̀rọ̀. Gírámà kò jẹ́ kí a ṣi ọ̀kan mú fún èkejì. Lẹ́yìn àkíyèsí, àyè àbọ̀ ṣófo, ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lórí "rà," tó pòórá nínú "ra ìwé," sì padà. Lẹ́yìn orí ọ̀rọ̀, arọ́pò orúkọ gbọ́dọ̀ dúró síbẹ̀, ìyẹn "á" inú "rà á." Bí ẹ bá gbọ́ arọ́pò orúkọ ní àyè àbọ̀, orí ọ̀rọ̀ lẹ ń gbọ́. Ẹ ṣọ́ra lórí olùwà o: "ó" máa ń wà lẹ́yìn "Adé ni" náà, nítorí náà àbọ̀ ni kí ẹ fi dán an wò.

Ọ̀nà kejì tí a fi lè mọ̀ ọ́n ni ìbéèrè. "Ta" àti "kí" kò lè jẹ́ orí ọ̀rọ̀ láé. Báwo la ṣe máa sọ̀rọ̀ nípa ohun tí a kò tíì mọ̀? Orí ọ̀rọ̀ àti àkíyèsí sì lè jọ wà nínú gbólóhùn kan, ṣùgbọ́n orí ọ̀rọ̀ ló ń ṣíwájú: "Ìwé yìí, Adé ló rà á."

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ló mọ ìyàtọ̀ yìí. Èdè Japan ní wúnrẹ̀n méjì fún un, ìyẹn ọ̀rọ̀ kéékèèké bíi "ni" tiwa: "ga" àti "wa." Bí wọ́n bá bèèrè pé ta ló wá, wọ́n á ní "dare ga kita," ìdáhùn rẹ̀ sì ni "Taro ga kita," Taro ló wá. "Taro wa kita" wà fún ìgbà tí ọ̀rọ̀ Taro ti wà nílẹ̀: ní ti Taro, ó wá. Ẹ kò lè fi "wa" sẹ́yìn "dare" láti béèrè ta ló wá, gẹ́gẹ́ bí "ta" kò ṣe lè jẹ́ orí ọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ wa. Èdè Họ́ngárì kò lo wúnrẹ̀n rárá. Ètò ọ̀rọ̀ ló ń lò. "Péter megvette a könyvet" sọ pé Péter ra ìwé náà. "Péter vette meg a könyvet" sọ pé Péter ló ra ìwé náà. Kò sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi kún un. "Meg" tó lẹ̀ mọ́ iwájú ọ̀rọ̀ ìṣe ló bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé àkíyèsí ti gba àyè tó wà níwájú ọ̀rọ̀ ìṣe. Ní ti Gẹ̀ẹ́sì, ó lè yí ètò ọ̀rọ̀ padà bó bá fẹ́, ṣùgbọ́n agbára ohùn ló sábà máa ń fi ṣe é, agbára ohùn kì í sì í hàn nínú ìwé.

Ibi tí èyí ti kàn mí gan-an nìyẹn. Wọ́n gbé àkọsílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan fún mi láti túmọ̀, ọ̀rọ̀ ẹnìkan tí wọ́n ń bi léèrè nípa fèrèsé kan. Gbólóhùn kan nínú rẹ̀ sọ pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò fọ́ fèrèsé náà. Mo kọ ọ́ pé, "Kì í ṣe ọ̀rẹ́ mi ni ó fọ́ fèrèsé náà." Ó dùn létí, ó sì jọ pé ó lágbára, bí èèyàn ṣe ń reti kí ẹni tó ń gbèjà ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Èrò àtẹnumọ́ yìí gan-an ló wà lórí mi nígbà náà.

Ohun tí mo fi sí i lẹ́nu ṣe kedere nígbà tí mo tún un kà. "Ọ̀rẹ́ mi kò fọ́ fèrèsé náà" kò sọ pé fèrèsé fọ́. Ó lè jẹ́ pé ṣe ló ti là tẹ́lẹ̀, ó lè jẹ́ pé kò sí ohun tó ṣe é. "Kì í ṣe ọ̀rẹ́ mi ni ó fọ́ ọ" ti gbà pé ẹnìkan fọ́ ọ. Orúkọ ọ̀rẹ́ nìkan ni "kì í ṣe" kọ̀, kò fọwọ́ kan ohun tó wà lẹ́yìn "ni." Ìbéèrè tó sì máa tẹ̀ lé e ni, "Ta wá ló fọ́ ọ?" Ẹni náà kò gbà nínú Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni fọ́ fèrèsé. Èmi ni mo bá a gbà.

Ká ní pé ṣe ló fẹ́ sọ pé kì í ṣe fífọ́ ni ọ̀rẹ́ òun fọ́ ọ, ṣíṣí ló ṣí i, ọ̀rọ̀ ìṣe ló máa gba àkíyèsí. Ọ̀rọ̀ ìṣe kì í sì í kúrò níbi tó wà: a ó ṣe àpètúnpè rẹ̀ síwájú, a ó sì tún fi í sílẹ̀ lẹ́yìn, "fífọ́ … fọ́." Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo yẹn gba méjèèjì, ó sì tún gba èyí tí kò ní àkíyèsí kankan. Mo padà sí àkọsílẹ̀ náà, mo wá ìbéèrè tí wọ́n bi í ṣáájú gbólóhùn náà. Wọ́n ti bi í pé kí ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe nínú yàrá náà. Kò sẹ́ni tó bèèrè ta ló fọ́ fèrèsé. Mo fa ìlà pa "kì í ṣe" àti "ni," mo sì kọ "Ọ̀rẹ́ mi kò fọ́ fèrèsé náà."