Ẹ̀rọ kò pọ owó, álẹ́ẹ̀tì wọlé: báńkì yín ni kí ẹ lọ bá, kì í ṣe báńkì tó ni ẹ̀rọ

Láti Takié dé Under-G ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ máa gbọ́ bí ẹ̀rọ ìpọwó bá ti yọ owó nínú àkáǹtì ẹnì kan láì fún un lówó lọ́wọ́: "Inú ẹ̀rọ wọn lowó ẹ wà, lọ bá báńkì tó ni ẹ̀rọ." Gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà á sì fọwọ́ sí i. Ó jọ òótọ́, torí pé lọ́pọ̀ ìgbà inú ẹ̀rọ náà lowó bébà ọ̀hún ṣì wà lóòótọ́. Síbẹ̀ ọ̀nà tí wọ́n ń júwe yẹn kì í débì kankan. Báńkì tí ẹ ní àkáǹtì sí, tó fún yín ní káàdì, òun ló yọ owó kúrò nínú àkáǹtì yín, òun nìkan ló sì lè dá a padà síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ẹ fi dúró síwájú ẹ̀rọ. Bí ẹ bá ti tẹ iye tí ẹ fẹ́, ẹ̀rọ kì í kọ́kọ́ ka owó. Ó kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí báńkì yín, nípasẹ̀ ilé-iṣẹ́ tó so àwọn báńkì pọ̀, irú Interswitch, pé ṣé owó wà? Báńkì yín á ní owó wà, á sì yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ìgbà yẹn ni álẹ́ẹ̀tì ń wọlé. Ẹ̀yìn èyí ni ẹ̀rọ wá ń ka owó. Bí bébà méjì bá lẹ̀ mọ́ra, tàbí tí ọ̀kan ya, ẹ̀rọ á jù wọ́n sínú àpótí ẹ̀yìn tó wà fún owó tó kọ̀. Bí wàhálà náà bá pọ̀, á pa gbogbo rẹ̀ tì. Nígbà náà ló yẹ kó tún ránṣẹ́ sí báńkì yín pé "mi ò sanwó o, ẹ dá a padà." Bí iṣẹ́ kejì yìí bá dé, owó yín á wọlé kí ẹ tó yí ẹ̀yìn. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já tàbí tí iná lọ kó tó dé, báńkì yín ò gbọ́ nǹkan kan. Lójú tiwọn, ẹ ti gba owó, ẹ ti lọ.

Ìdí nìyẹn tí báńkì tó ni ẹ̀rọ ò fi lè ṣe ohun tí ẹ ń fẹ́. Wọn ò rí àkáǹtì yín, wọn ò mọ̀ yín rí, wọn ò sì yọ kọ́bọ̀ nínú rẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Wàsó fojú winá èyí. Alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni, ó fẹ́ gba 20,000 náírà lára ẹ̀rọ báńkì mìíràn, lẹ́bàá ilé báńkì náà. Ó gbọ́ tí ẹ̀rọ ń ka owó, gbogbo rẹ̀ wá dákẹ́, ojú ẹ̀rọ padà sí ibi tí wọ́n ti ń kí èèyàn káàbọ̀. Álẹ́ẹ̀tì méjì wọlé: 20,000, àti 100 náírà tí wọ́n ń gbà láti oṣù kẹta ọdún 2025 lórí 20,000 kọ̀ọ̀kan tí èèyàn bá gbà lára ẹ̀rọ báńkì tí kì í ṣe tiẹ̀. Gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé ló fi jókòó sí báńkì tó ni ẹ̀rọ, torí ohun tí àwọn ará ọjà sọ fún un. Nígbà tó kàn án, wọ́n ní kó lọ bá báńkì tiẹ̀. Inú bí i, ó rò pé wọ́n ń gbá òun síwá sẹ́yìn ni. Òótọ́ ni wọ́n sọ fún un.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló wá dé báńkì tiẹ̀. Wọ́n ní kó kọ iye owó, ọjọ́, aago tó wà lórí álẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn káàdì rẹ̀, orúkọ báńkì tó ni ẹ̀rọ àti àdúgbò tí ẹ̀rọ wà. Wọ́n fún un ní nọ́ńbà ẹ̀sùn. Ó pa álẹ́ẹ̀tì mọ́ lórí fóònù, ìyẹn sì ràn án lọ́wọ́ gan-an nítorí pé ẹ̀rọ ò fún un ní rìsíìtì.

Lẹ́yìn èyí, báńkì rẹ̀ ló máa bi báńkì tó ni ẹ̀rọ léèrè. Ẹ̀rí méjì ni wọ́n ń wò. Àkọ́kọ́ ni àkọsílẹ̀ inú ẹ̀rọ, tó ń sọ aago gan-an tí nǹkan ṣẹlẹ̀ àti bóyá owó jáde. Èkejì ni owó tó kù nínú ẹ̀rọ nígbà tí wọ́n bá ṣí i. Bí wọ́n bá yọ iye tí ẹ̀rọ san kúrò nínú iye tí wọ́n kó sí i, tí owó tí wọ́n bá nínú rẹ̀ wá fi 20,000 lé lórí èyí tó yẹ kó kù, a jẹ́ pé ó yé gbogbo èèyàn ibi tó ti wá. Ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ ni 20,000 rẹ̀ padà.

Ẹ wo bí ọjọ́ ṣe ṣòfò. Òfin tí báńkì àpapọ̀, CBN, gbé jáde, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ọdún 2020, sọ pé bó bá jẹ́ ẹ̀rọ báńkì yín gan-an ni, kíá ni kí owó padà. Bí ẹ̀rọ ò bá lè dá a padà fúnra rẹ̀, kí òṣìṣẹ́ fọwọ́ ṣe é, kó má ju wákàtí 24 lọ. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ báńkì mìíràn, kó má ju wákàtí 48 lọ. Ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún tí àwọn èèyàn ṣì ń tẹnu mọ́, ti àtijọ́ ni. Bí òṣìṣẹ́ kan bá ní kí ẹ lọ dúró ọjọ́ márùn-ún, ẹ rọra rán an létí òfin yìí.

Ibì kan wà tí òfin yìí ò lè gbà yín. Nígbà míì owó máa ń pẹ́ kó tó jáde. Bí ẹ bá bínú kúrò níwájú ẹ̀rọ, tí owó wá yọ, tí ẹni tó wà lẹ́yìn yín mú un, àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ á sọ pé owó jáde, báńkì á sì kọ ẹ̀sùn yín. Nítorí náà ẹ dúró títí ojú ẹ̀rọ á fi padà síbi ìbẹ̀rẹ̀, tí káàdì yín sì ti jáde. Bí wọ́n bá kọ ẹ̀sùn yín, tó sì dá yín lójú pé owó ò jáde, ẹ ní kí wọ́n wo àkọsílẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú fídíò kámẹ́rà, bí kámẹ́rà bá wà. Ẹ sọ ọ́ kíákíá, torí fídíò kì í wà títí ayé.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó máa ń pè lórí fóònù lásìkò yìí pé àwọn fẹ́ bá yín dá owó padà. Kò sí báńkì tó nílò PIN yín tàbí nọ́ńbà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín kí owó tó padà.

Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá lórí ẹ̀sùn yín láìsí ojútùú, ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka tó ń dáàbò bo oníbàárà ní CBN, cpd@cbn.gov.ng, kí nọ́ńbà ẹ̀sùn tí báńkì fún yín wà nínú lẹ́tà náà. Ẹni tí lẹ́tà bá rọrùn fún ju fóònù lọ lè mú un lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Ìbàdàn.

Nígbà tí owó bá wọlé, ẹ wo iye tó wọlé dáadáa. Ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, 20,000 nìkan ló kọ́kọ́ dé. Ó ní láti padà lọ béèrè kí wọ́n tó dá 100 náírà yẹn padà.