Ta ló sọ fún yín pé “láìpẹ́” jẹ́ ọjọ́?

Ó ti sú mi! Mo tún ṣí àpòòwé kan láàárọ̀ yìí tí lẹ́tà inú rẹ̀ kò ju “gbogbo ìwé tí ẹ béèrè ló wà níbí, ìyókù ń bọ̀ láìpẹ́” lọ. Ìwé wo? Mélòó? Èwo ni ìyókù? Ẹni tó kọ ọ́ ti fi ìpínrọ̀ gígùn kí ọ̀gá, ó ti ṣàdúrà fún ìdílé ọ̀gá, ṣùgbọ́n kò rí àyè kọ orúkọ ìwé mẹ́ta péré.

Iṣẹ́ mi ni láti máa gba ìwé wọlé ní ọ́fíìsì tó ń yẹ ìbéèrè àwọn èèyàn wò. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àpòòwé yín. Èmi tí mo ṣí i kọ́ ni n óò ṣèpinnu. N óò lu òǹtẹ̀ ọjọ́ tó dé sí i, n óò yọ irin tí ẹ fi dì í pọ̀, n óò fi ẹ̀rọ ya àwòrán ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, yóò sì wọnú fáìlì. Ẹlòmíràn ló máa ṣí fáìlì náà, ó sì lè pẹ́ díẹ̀ kó tó ṣí i. Bí ojú ìwé kan bá já sílẹ̀ lójú ọ̀nà, kí ni onítọ̀hún máa fi mọ̀? Bí ẹ bá kọ “àkọsílẹ̀ owó báńkì, ojú ìwé 6”, tó sì ka 5, yóò mọ̀ pé ọ̀kan sọnù. Bí ẹ kò bá kọ nǹkan kan, lójú tirẹ̀, ojú ìwé yẹn kò dé rárá, ẹ kò sì ní ohun tí ẹ máa nawọ́ sí pé ẹ fi ránṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ló ń bí mi nínú jù. Ká ní ọ́fíìsì kọ lẹ́tà sí yín ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta pé ẹ mú ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, àkọsílẹ̀ báńkì oṣù mẹ́fà àti lẹ́tà ibi iṣẹ́ wá, kí èsì dé láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ sí ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà náà. Lẹ́tà dé ọwọ́ yín ní ọjọ́ 12. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ọjọ́ 12, wọ́n á rò pé àwọn ní títí di ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin. Irọ́ ni! Ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ló parí. Lẹ́tà náà sì ní kí èsì “dé”, kò ní kí ẹ “fi ránṣẹ́”. Ẹni tó gbé e lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní ọjọ́ 1 ti pẹ́ nìyẹn, àfi tó bá dé lọ́jọ́ kejì.

Kí ló ṣòro nínú kí ẹ kọ ọ́ báyìí, ní ìtẹ̀léra kan náà tí ọ́fíìsì fi béèrè?

Nọ́ńbà fáìlì mi àti orúkọ mi ni ìwọ̀nyí. Èsì sí lẹ́tà yín ti ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, tó gbọ́dọ̀ dé di ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin.
1. Ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí: ẹ̀dà, ojú ìwé 1.
2. Àkọsílẹ̀ báńkì, oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kejì: ẹ̀dà, ojú ìwé 6.
3. Lẹ́tà ibi iṣẹ́: kò sí níbí. Ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ni wọ́n máa fún mi. Mo bẹ̀ yín kí ẹ fún mi di ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin.

Ẹni tó bá ka èyí mọ ohun tó wà, ohun tí kò sí, àti ọjọ́ tó yẹ kó retí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ka lẹ́tà ọ́fíìsì dáadáa kí ẹ tó tọrọ àfikún ọjọ́, nítorí àwọn ọ́fíìsì kan kì í fúnni. Àwọn mìíràn gbà pé èsì àkọ́kọ́ ni èsì ìkẹyìn, wọ́n á sì fi ìwọ̀nba tí ẹ mú wá ṣèpinnu. Níbẹ̀, “ìyókù ń bọ̀” lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Bí ẹ bá sì máa tọrọ, ẹ tọrọ kí ọjọ́ tó pé, ẹ má dúró dìgbà tó bá ti kọjá!

Àti ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìwé wá fúnra yín, kí ló ń lé yín? Ẹ tẹ àkójọ orúkọ àwọn ìwé yẹn ní ẹ̀dà méjì, ẹ ní kí n lu òǹtẹ̀ sí ọ̀kan kí ẹ mú un lọ sílé. Òǹtẹ̀ wà lórí tábìlì mi. Ẹ óò kàn sọ àpòòwé sílẹ̀, ẹ óò sì yí ẹ̀yìn padà, nígbà tó bá di àríyànjiyàn ẹ óò wá máa pariwo mọ́ mi pé ẹ ti mú un wá. Ẹ̀rí dà?