Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ fídíò bá ẹnu mu, síbẹ̀ ojú ò ká a

Dámọ́lá: Ẹ káalẹ́ o. Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ fídíò ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò mi bá ohùn mu gẹ́lẹ́, àmọ́ àwọn tó pa ohùn ní àwọn kì í rí i kà tán. Kí ló fà á?

Ìyá Ẹ́dítọ̀: Ẹnu lo fi wọ̀n ọ́n, ojú ló yẹ kí o fi wọ̀n ọ́n. Wo gbólóhùn tó wà nísàlẹ̀ yìí: lẹ́tà 38 ni, pẹ̀lú àlàfo àárín ọ̀rọ̀. Ẹni tó yára lẹ́nu á sọ ọ́ tán ní ìṣẹ́jú àáyá kan ààbọ̀. Tó bá pòórá níbẹ̀, òǹwòran ní láti ka bíi lẹ́tà 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bẹ́ẹ̀ 15 sí 17 ló rọ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́rùn. Jẹ́ kó bá ohùn wọlé, kó sì dúró díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹnu bá pa dé:

```
1
00:00:12,000 --> 00:00:14,500
Ẹ má san owó kankan
kí ẹ tó rí ìwé ilẹ̀
```

Káyọ̀dé Agéfídíò: Kí ló le níbẹ̀? Kí gbogbo ẹ̀ máa fi ìdajì ìṣẹ́jú àáyá ṣáájú ohùn, ó parí.

Ìyá Ẹ́dítọ̀: Àyè á wà díẹ̀ lóòótọ́, Káyọ̀dé, ṣùgbọ́n ìdáhùn á ti hàn nígbà tí ẹnu oníbèéèrè ṣì ń mì. Ẹni tí kò gbọ́ ohùn, ẹnu ló ń wò láti mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Á gbà pé oníbèéèrè ló sọ ọ́. Ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ ti wá àyè. Bí gbólóhùn kejì bá ti wọlé kí àyè tó tó, ẹ yọ àwọn "ṣé o rí i" àti "ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé" kúrò.

Àbíkẹ́: Mi ò fara mọ́ yíyọ yẹn, mà. Adití tó ń ka ètè á rí i pé ohun tí ẹnu sọ kọ́ la kọ.

Tọ́lá: Tèmi ni pé sọfitíwíà ń sọ ìlà Yorùbá mi di pupa pé ó yá jù, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ sí ti Gẹ̀ẹ́sì.

Ìyá Ẹ́dítọ̀: Àwọn kan máa ń ka àmì ohùn bíi lẹ́tà, Tọ́lá. "Ẹ̀" kan ṣoṣo lè di méjì, àní mẹ́ta. Má yọ àmì o. Ojú ara rẹ ni kí o fi kà á.

Dámọ́lá: Orúkọ àlejò tó ń jáde nísàlẹ̀ ńkọ́, mà? Ó ń bo ọ̀rọ̀.

Ìyá Ẹ́dítọ̀: Gbé e síbi tí ọ̀rọ̀ ti kúrú, tàbí kí àlejò tó lanu, nítorí ojú kan náà ni yóò ka méjèèjì. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin sí márùn-ún tó. Bí wọ́n bá pàdé, gbé ọ̀rọ̀ lọ sókè títí orúkọ á fi lọ, àmọ́ má jẹ́ kí ìlà kan fò sókè láàárín kíkà: jẹ́ kí orúkọ wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, kó sì jáde ní òpin ìlà.

Àbíkẹ́: Nínú fídíò olóòró, iwájú orí àlejò gan-an lọ̀rọ̀ máa bọ́ sí lókè yẹn. Orúkọ lèmi máa ń gbé sókè, kí ọ̀rọ̀ wà níbi tójú ti mọ̀ ọ́n.