Ìwé Ìyá Oníẹ̀wà Yẹ Kó Ní Òpó Tirẹ̀ Nínú Tábìlì Olùdíje Yín

Èrò ọkàn mi rèé lórí tábìlì tí àwọn olùdásílẹ̀ ilé-iṣẹ́ máa ń gbé síwájú olùdókòwò, èyí tí wọ́n fi ń fi ara wọn wé àwọn tí wọ́n jọ ń du oníbàárà. Mo ti bá ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ yẹ tiwọn wò, bákan náà ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn rí. Máàkì ló kún òpó tiwọn láti òkè délẹ̀. Òpó àwọn yòókù sì rèé, X pupa ló kún ibẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí ni pé kì í ṣe inú àpótí tábìlì ni irọ́ wà. Òótọ́ ni gbogbo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ibi tí irọ́ gbà wọlé ni yíyan ìlà àti òpó. Olùdásílẹ̀ nìkan ló jókòó yan ohun tí wọ́n máa fi wọn òun àti àwọn yòókù, ohun tó mọ̀ pé òun ní ló sì yàn. Àwọn àgbà ní àgbà òṣìkà ló ń gbẹ́jọ́ ẹnìkan dá. Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an lèyí.

Ẹ jẹ́ ká mú áàpù tí àwọn ìyá ọjà lè fi máa kọ àwìn sílẹ̀. Ká ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣe ọ̀kan fún àwọn tó ń ta ẹ̀wà, ìrẹsì àti gàrí ní ọjà Bódìjà, n'Ìbàdàn. Òpó mẹ́rin ló wà nínú tábìlì rẹ̀: áàpù tirẹ̀, áàpù méjì mìíràn tó ti wà ṣáájú, àti Excel. Ìlà márùn-ún ló fi wé wọn: ó gbọ́ Yorùbá, ó ń ṣiṣẹ́ láìsí dátà, ó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ rán onígbèsè létí, ó ń gba ohùn sílẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Máàkì márààrún wà lábẹ́ orúkọ tirẹ̀. Àmọ́ ìyá oníẹ̀wà wo ló dúró ní Bódìjà tó ń rò ó bóyá kóun lo áàpù yìí tàbí Excel? Ìwé ló ń lò, ìwé ọmọ iléèwé tó ti gbó létí, tó fi okùn so bírò mọ́. Ìwé yẹn kò sí nínú tábìlì rárá.

"Ẹ̀gbọ́n, a ò bá ìwé díje o," lohun tí wọ́n sábà máa ń sọ fún mi tí mo bá dé ibí yìí. Ìwé gan-an lẹ̀ ń bá díje. Òun ló wà lọ́wọ́ oníbàárà, òun náà ló sì máa padà sí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ òpó tó yẹ kó wà nínú tábìlì, ohun méjì péré ni kẹ́ ẹ bi ìyá ọjà: "Mà, kí lẹ̀ ń lò kẹ́ ẹ tó gba áàpù yìí? Tó bá di pé kò sí mọ́ lọ́la, kí lẹ máa lò?" Ohun tó bá jáde lẹ́nu wọn ni òpó. Ẹ máa gbọ́ ìwé. Ẹ máa gbọ́ "orí ni mo fi ń pa á mọ́." Òmíràn á ní òun máa ń fohùn ránṣẹ́ sọ́mọ òun lórí WhatsApp, ọmọ náà á sì bá òun kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan nínú àwọn áàpù yẹn ṣì wà níbẹ̀ torí olùdókòwò á béèrè rẹ̀, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó gba àyè ìwé.

Ti ìlà ló ṣòro jù, torí ibẹ̀ ni ọkàn olùdásílẹ̀ ti máa ń fẹ́ ṣe ojúsàájú. Àwọn tó fi áàpù yín sílẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ bá, kì í ṣe àwọn tó fẹ́ràn yín. Ẹ wá ẹni tó lò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì tí kò ṣí i mọ́, kẹ́ ẹ pè é, kẹ́ ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ láìjà á lẹ́nu. Irú ohun tẹ́ ẹ máa gbọ́ ni: "Oníbàárà ti dúró tì mí, mi ò ráyè máa tẹ fóònù." "Tí mo bá jáde, ọmọ tó ń bá mi tajà kò rí fóònù mi lò." "Ẹni tó jẹ mí lówó ní òun ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, mo fi fóònù hàn án, ó ní èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀." Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ti di ìlà nìyẹn: ìgbà tó ń gbà láti kọ àwìn kan sílẹ̀ níṣojú oníbàárà, ẹni tó lè kọ ọ́ tí onísọ̀ kò bá sí nílé, ohun tí onísọ̀ lè fi hàn tí onígbèsè bá sẹ́. Ẹ kọ àwọn ìlà yìí tán kẹ́ ẹ tó kọ ohunkóhun sínú àpótí kankan. Lẹ́yìn náà, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ yọ ìlà kan kúrò torí pé ó kù díẹ̀ káàtó fún wa níbẹ̀.

Ẹ má wá fi máàkì kún un. Máàkì máa ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ wo "ó ń ṣiṣẹ́ láìsí dátà." Lóòótọ́, áàpù náà á ṣí láìsí dátà, èèyàn á sì lè kọ àwìn síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí wọ́n fi ń wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kò lè dé láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ohun tí wọ́n sì kọ sílẹ̀ kò tíì ní ẹ̀dà níbòmíràn títí dátà á fi dé. Tí fóònù náà bá bọ́ sómi kí dátà tó dé, gbogbo rẹ̀ lọ nìyẹn. Gbólóhùn kan tó sọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ gan-an ló yẹ kó wà nínú àpótí yẹn. Bákan náà ni "ọ̀fẹ́": kò tíì di owó ni, àbí kò ní di owó láé? Ohun tẹ́ ẹ ṣì ń gbèrò láti ṣe kò sì yẹ kó gba máàkì. Ẹ kọ "kò tíì sí" síbẹ̀.

Ohun tó bá ṣeé wọ̀n, ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ ra irú fóònù Android olówó pọ́ọ́kú tí àwọn ìyá ọjà ń lò, ẹ má lo fóònù olówó ńlá tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ mú àwìn mẹ́wàá, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ẹnì kan náà kọ wọ́n sínú ìwé, lẹ́yìn náà sínú áàpù yín, lẹ́yìn náà sínú áàpù tẹ́ ẹ jọ ń díje, kí aago sì máa kà. Ká ní ìwé gba ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá fún àwìn kan, tiyín gba ọgbọ̀n. Mẹ́wàá àti ọgbọ̀n lẹ máa kọ síbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n. Ti olùdíje, ẹ fọwọ́ ara yín lò ó láti ìgbà tẹ́ ẹ ti gbà á sórí fóònù. Ẹ má lọ da ohun tí wọ́n kọ sórí ìkànnì wọn lọ́dún tó kọjá kọ, torí wọ́n lè ti ṣàtúnṣe ohun tẹ́ ẹ fi ń bẹnu àtẹ́ lù wọ́n.

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú tábìlì tòótọ́ ni pé ó máa ń yí iṣẹ́ náà padà. Tẹ́ ẹ bá wo ìdí tí ọgbọ̀n fi di ọgbọ̀n, ẹ lè rí i pé áàpù náà ń béèrè irú ọjà, iye kóńgò àti iye owó kóńgò kan kó tó gba àkọsílẹ̀. Ìyá oníẹ̀wà kì í kọ gbogbo ìyẹn sínú ìwé. "Ìyá Bísí, 4,500" ló kọ, ó parí. Ẹ jẹ́ kí orúkọ àti owó nìkan tó, àlàfo yẹn á dín kù gan-an. Èyí ni àlàfo tẹ́ ẹ lè dí, ẹ sì lè kọ iye ọ̀sẹ̀ tó máa gbà yín síwájú rẹ̀.

Ti ọmọ tó ń bá wọn tajà yàtọ̀. Fóònù kan ló wà, ọwọ́ ìyá ló wà, ó sì ń bá a lọ síbi gbogbo. Kò sí ohun tẹ́ ẹ lè kọ sínú áàpù tó máa sọ fóònù kan di méjì. Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ohun tó bọ́gbọ́n mu ni kí ìyá máa lo ìwé rẹ̀ lọ ní ojú ọjà, kó wá ya fọ́tò ewé ọjọ́ náà lálẹ́, kí áàpù sì bá a ṣírò gbèsè ẹnì kọ̀ọ̀kan. Lọ́nà yẹn, ìwé tẹ́ ẹ̀ ń bá díje ti di alábàáṣiṣẹ́ yín, tí onígbèsè bá sì ti fi bírò buwọ́ lù ú, ẹ̀rí yẹn á ṣì wà níbẹ̀ tí àríyànjiyàn bá dé.

Níbi tẹ́ ẹ ti tayọ, òótọ́ á hàn níbẹ̀ náà. Lópin oṣù, ìyá tó fẹ́ mọ gbogbo owó tí wọ́n jẹ ẹ́ á máa ṣí ewé kọ̀ọ̀kan, á máa rò ó pọ̀. Áàpù ti rò ó tán. Tí òjò bá pa ìwé, ó tán, àmọ́ àkọsílẹ̀ tó ti ní ẹ̀dà á padà wá sórí fóònù tuntun. Ẹ wá fi ìlà kan sí i: èèyàn mélòó ló ń jẹ ẹ́ lówó? Ẹni tí onígbèsè rẹ̀ kò ju márùn-ún lọ, ìwé ti tó o, kì í ṣe oníbàárà yín. Ẹni tó ń tà láwìn fún ọgọ́ta olóúnjẹ ni kẹ́ ẹ wá lọ.

Àwọn olùdásílẹ̀ á ní olùdókòwò á sá tó bá rí irú tábìlì yìí. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Olùdókòwò tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń pe oníbàárà fúnra rẹ̀. Tí ìyá mẹ́ta bá sọ fún un pé ó ń pẹ́ jù, tí ọ̀rọ̀ náà kò sì sí nínú tábìlì yín, ìlà yẹn nìkan kọ́ ló máa ṣiyèméjì nípa rẹ̀, iye owó tẹ́ ẹ lẹ ti pa náà á bá a lọ. Àwòrán onígun mẹ́rin tí àwọn olùdásílẹ̀ máa ń yà láti fi ara wọn wé àwọn olùdíje, tí ilé-iṣẹ́ tiwọn nìkan máa ń wà ní igun òkè lápá ọ̀tún, àìsàn kan náà ló ń ṣe é.

Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ gbé gbogbo rẹ̀ sójú ìkànnì yín. Tábìlì tí aráàlú máa rí lè kúrú ju èyí tẹ́ ẹ̀ ń lò nínú ilé, kò sóhun tó burú níbẹ̀, tí ohun tó wà nínú èkínní kò bá ti tako ti èkejì. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti 2018 ní Nàìjíríà, ìyẹn FCCPA, sì kọ̀ kí oníṣòwò máa ṣi oníbàárà lọ́nà nípa ọjà rẹ̀, nítorí náà ẹ tọ́jú ẹ̀rí ohun tẹ́ ẹ bá sọ nípa ẹlòmíràn.

Ẹni tó ń gbé ìpè àwọn oníbàárà ni kó kọ ohun tó máa wà nínú àpótí, kì í ṣe olùdásílẹ̀. Tí olùdásílẹ̀ bá fẹ́ yí ọ̀kan padà, kó mú aago àti fóònù olówó pọ́ọ́kú yẹn, kó lọ tún un wọ̀n ní Bódìjà.