Ẹ dá oníbàárà lóhùn ní kíkọ kí ẹ tó fọwọ́ kan iṣẹ́ tó fi kún un

Èrò ọkàn mi ni pé ìdákẹ́ àwa tí a gbaṣẹ́ ló ń jẹ owó iṣẹ́ run ju ohun tí oníbàárà ń béèrè lọ. Oníbàárà á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi nǹkan kékeré kan kún un." A ò ní sọ nǹkan kan, a máa ṣe é. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún béèrè òmíràn. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nígbà tó bá fi máa di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ohun tí a ṣe láì sọ̀rọ̀ ti di àdéhùn lọ́kàn rẹ̀. Bí a bá wá dárúkọ owó nígbà náà, á dà bíi pé a fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ ni, èmi ò sì ní dá a lẹ́bi.

Ẹ jẹ́ ká mú iṣẹ́ wẹ́ẹ̀bùsáìtì kan wò. Àdéhùn jẹ́ ojúewé 5, àtúnṣe ẹ̀ẹ̀mejì, wákàtí 40 lápapọ̀. Wákàtí 22 ti lọ. Oníbàárà wá kọ̀wé pé òun fẹ́ bọ́tìnnì kan tí èèyàn á máa tẹ̀ láti sanwó. Bọ́tìnnì lòun máa rí lóòótọ́, wákàtí 1 péré nìyẹn sì máa gbà. Ṣùgbọ́n síso ó pọ̀ mọ́ ilé iṣẹ́ tó ń bá èèyàn gba owó máa gba wákàtí 3. Bí owó bá kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń rajà tí èsì kò sì padà dé ńkọ́? Ètò fún ìyẹn gba 3 mìíràn. Rìsíìtì tó máa lọ sí ímeèlì gba 2, ìdánwò gba 3. Ó di wákàtí 12 nínú 18 tó ṣẹ́ kù, ojúewé 2 sì wà nílẹ̀ tí a kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹ tó fèsì, ẹ padà ka àdéhùn. Bí ẹ bá rí gbólóhùn bíi "kí oníbàárà lè rajà níbẹ̀" nínú rẹ̀, iṣẹ́ yín ni, ẹ má bèèrè owó lé e. Bó bá jẹ́ àṣìṣe yín ló ń tọ́ka sí, ọ̀fẹ́ lẹ máa tún un ṣe. Bí kò bá jẹ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì, ẹ fèsì kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, kódà bó bá jẹ́ orí fóònù ló ti sọ ọ́. Irú èsì tí mo fara mọ́ nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Mo rí ohun tí ẹ kọ nípa bọ́tìnnì ìsanwó, ó sì máa rọrùn fún àwọn tó ń rajà lọ́wọ́ yín. Kò sí lára ojúewé 5 tí a jọ fọwọ́ sí. Ó máa gba wákàtí 12, torí a ní láti dán an wò dáadáa kí owó ẹnikẹ́ni má baà há. Ọ̀nà 3 ló wà. A lè fi kún un ní iye tí à ń gbà fún wákàtí kan, kí ọjọ́ ìparí sì fi ọjọ́ 3 sún síwájú. A lè fi í rọ́pò ojúewé ìròyìn àti ti àwòrán, tí àwọn náà máa gba wákàtí 12, kí owó má yí padà. A sì lè parí èyí tó wà nílẹ̀, ká ṣe bọ́tìnnì náà ní iṣẹ́ ọ̀tọ̀ lẹ́yìn náà. Èwo lẹ fẹ́? Títí ẹ ó fi dáhùn, iṣẹ́ tí a ti fẹnu kò sí là ń bá lọ."

Ẹ ò rí "ẹ má bínú" níbẹ̀, torí ẹni tó bẹ̀bẹ̀ ti gbà pé òun jẹ̀bi. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ṣe pàtàkì gan-an: bí oníbàárà bá dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, iṣẹ́ kò dúró, kò sì sí ẹni tó máa ní a ti gbà láti ṣe bọ́tìnnì. Fífi ohun kan rọ́pò òmíràn ni mo fẹ́ràn jù, àmọ́ ohun tí a kò tíì bẹ̀rẹ̀ nìkan la lè fi ṣe pàṣípààrọ̀. Ojúewé tí a ti ṣe tán ti jẹ wákàtí tirẹ̀, bí a tilẹ̀ yọ ọ́ kúrò, wákàtí náà kò ní padà wá.

Ohun tí kò ju ìṣẹ́jú 20 lọ, ẹ lè fi ta á lọ́rẹ. Síbẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ínfóìsì pẹ̀lú iye rẹ̀ gan-an, kí ẹ wá yọ gbogbo iye náà kúrò nísàlẹ̀, kó lè rí i pé ẹ̀bùn ni. Nínú wákàtí 40, wákàtí 2 ti tó fún irú rẹ̀.

Bó bá ti mú ọ̀nà kan, ẹ kọ ohun náà, wákàtí rẹ̀, owó àti ọjọ́ ìparí tuntun sábẹ́ àdéhùn, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí i. Kí "mo gbà á" tó dé ní kíkọ, ẹ má tíì fọwọ́ kan bọ́tìnnì yẹn.