Sátíìnì kì í ṣe orúkọ òwú

“Sátíìnì àti sílíìkì, ọ̀kan náà ni. Ẹ yí áyọ́ọ̀nù sí sílíìkì, ẹ wọ́n omi sí i, kò ní jó.”

Ẹ ṣé o, àǹtí, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni aṣọ ti ń bàjẹ́. Sátíìnì ni orúkọ bí wọ́n ṣe hun aṣọ tí ojú rẹ̀ fi ń dán. Sílíìkì ni orúkọ òwú; ara kòkòrò ló ti ń wá, bíi ti sányán àtijọ́. Púpọ̀ nínú sátíìnì tí a ń rà l'Ọ́jà Ọba l'Adó, pọlísítà ni.

Ooru wọn kò dọ́gba. Sílíìkì gba àmì tóótòòtó méjì lára áyọ́ọ̀nù, ìyẹn 150°C ó pọ̀ jù. Fún sátíìnì pọlísítà, ẹ dúró lórí ẹyọ kan, 110°C. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, òwú á rọ̀, áyọ́ọ̀nù á sì tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ. Bùbá mi kan rí i: ibi ojú rírán tó nípọn ní ẹ̀gbẹ́ yọ ìlà dídán méjì síta. Mo fọ̀ ọ́ títí, kò lọ. Inú aṣọ ni mo ń lọ báyìí, pẹ̀lú aṣọ òwú fẹ́lẹ́ lórí rẹ̀.

Omi wíwọ́n kò sì gba sílíìkì là. Ẹ̀kán omi máa ń fi àpá sílẹ̀ lára rẹ̀.

Bí kò bá sí lébẹ́ẹ̀lì, ẹ fa òwú kan yọ nínú ìṣẹ́tí, ẹ ṣáná sí i lórí àwo. Pọlísítà á yọ́, á di kóró líle. Sílíìkì á rùn bí irun tó jó, eérú rẹ̀ á sì fọ́ lọ́wọ́.